Bí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Ṣe Lè Bá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ̀rọ̀ lórí Ìwé Ìdáhùn Kí Ìdánwò Wáẹ̀kì Tó Dé

Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ti dáhùn sílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní àwọn ilé-ìwé girama wa. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó ra ojúlówó ìwé Ìṣirò a máa rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn sì ti ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀ sínú fóònù. Iṣẹ́ tí ó já lé ọ̀gá ilé-ìwé léjìká ni láti sọ fún wọn, ní gbangba àti ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ibi tí ìwé náà ti jẹ́ olùrànlọ́wọ́ àti ibi tí ó ti di ẹrù òfin. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó máa ń bàjẹ́ mọ́ni lẹ́nu bí a kò bá múra sílẹ̀ fún un.

Tèmi bàjẹ́ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo bú ìwé ìdáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin, mo ní ọ̀lẹ ni ẹni tí ó bá ń lò ó. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi òótọ́ inú lo ìwé náà ti kó o pamọ́ nítorí ìtìjú, wọn kò sì mú un wá sọ́dọ̀ olùkọ́ mọ́ láti béèrè ohun tí kò yé wọn. Àwọn tí wọ́n ti pinnu láti mú un wọ gbọ̀ngàn ìdánwò kò tilẹ̀ gbọ́ pé èmi ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ dá ìwé náà lẹ́bi. Ìlò rẹ̀ ni a ó máa tọ́ka sí. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé ẹlẹgbẹ́ mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ bá àwọn olùkọ́ ṣèpàdé

Kí ẹ tó dé iwájú àwọn ọmọ, ẹ pe àwọn olùkọ́ jọ sínú yàrá wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹnikẹ́ni wà tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ nítorí ìdánwò, yàtọ̀ sí owó ìforúkọsílẹ̀? Ẹ mọ owó tí mo ń sọ. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń fún un, àwọn kan a ní owó ìfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn kan a ní owó àlejò, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé nítorí kí alámòójútó lè wo ibòmíràn ni. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ń lọ lábẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ kankan lórí pápá títí ẹ ó fi dá a dúró, tí wọn yóò sì ti dá ti àwọn tí ó ti san padà, nítorí pé àwọn ọmọ yóò máa wo ojú olùkọ́ tí ó gba owó wọn bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, wọn yóò sì máa fi ẹ̀rín pamọ́.

Nínú ìpàdé yìí kan náà ni ẹ ó ti mú olùkọ́ Ìṣirò kan tí yóò bá yín gbé pátákó jáde, tí yóò sì wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ọjọ́ tí ó yẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ní alẹ́ ọjọ́ náà kò ní ọ̀nà mìíràn tí yóò tọ̀ bí kò ṣe èyí tí ẹ ń kọ̀ fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì, nínú oṣù January, ni mo fara mọ́, nítorí pé ìgbà náà ni àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé ìdáhùn, móòkì ṣì wà níwájú, ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan sì ṣì wà tí ẹni tí ó bá fẹ́ yí padà lè fi yí padà. Ẹ lo àpéjọ òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ọ̀rọ̀ náà má sì kọjá ìṣẹ́jú 7.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú ìbéèrè kan tí ẹ lè yí nọ́ńbà rẹ̀ padà

Ibí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé kíkọ́ yàtọ̀ sí híhá sórí, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, yóò sì padà lọ há a sórí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ìdáhùn tí òun há sórí kò bá ìbéèrè mu mọ́ nígbà tí a kàn gbé nọ́ńbà méjì pààrọ̀ ààyè, kò ní tètè gbàgbé.

Èyí tí mo máa ń lò ni ìbéèrè lórí nọ́ńbà tí ó ń tẹ̀ léra, tí a ń fi iye kan náà kún un ní gbogbo ìgbà. Ìbéèrè náà ní nọ́ńbà kẹta jẹ́ 10, ìkeje sì jẹ́ 22. Kí ni nọ́ńbà ogún? Báyìí ni ìwé ìdáhùn máa ń tò ó, `a` dúró fún nọ́ńbà àkọ́kọ́, `d` sì dúró fún iye tí a ń fi kún un:

```
a + 2d = 10
a + 6d = 22
4d = 12
d = 3
a = 4
a + 19d = 4 + 57 = 61
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Láti orí ìkẹta dé orí ìkeje, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni a gbé, a sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rin náà rin 12, nítorí náà 3 ni ẹsẹ̀ kan. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ méjì padà sẹ́yìn láti orí 10, a ó dé 4, èyí tí í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ dé orí ogún, ẹsẹ̀ 19 ni.

Wàyí o, ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì pààrọ̀: kí ìkẹta di 22, kí ìkeje sì di 10. Ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ṣì ni, ṣùgbọ́n sísàlẹ̀ ni a ń lọ báyìí. `d` di -3, `a` di 28, nọ́ńbà ogún sì di 28 - 57, èyí tí í ṣe -29. Ọmọ tí ó mọ ìdí tí a fi yọ ìlà kìíní kúrò nínú ìkejì yóò dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ó há a sórí yóò tún kọ 61, tàbí kí ó rí òdì tí ó jáde níwájú 12, kí ẹ̀rù bà á, kí ó pa á rẹ́.

Ẹ lè mú ìbéèrè mìíràn, kódà láti inú Físíìsì tàbí Ìṣirò Owó, bí ó bá ṣáà ti kúrú tó ohun tí a lè kọ sórí pátákó kan, tí ìyípadà kékeré sì lè mú kí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì ka a síta lẹ́ẹ̀mejì nílé

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sínú rẹ̀, èmi náà sì ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ rí. Ẹ má ṣe ka oríṣi ọgbọ́n tí àwọn ọmọ ń ta nínú gbọ̀ngàn fún wọn. Lọ́dún kan mo ka márùn-ún, mo rò pé mo ń dẹ́rù bà wọ́n; akọ̀wé kíláàsì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé méjì péré ni àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtàn gbé yín lọ. Àwa àgbà fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ 1977, ọdún tí ìbéèrè Wáẹ̀kì jò dé ibi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní Èkísípò 77, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 kò mọ ohun tí ó kan òun níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe rí nìyí. Ẹ lè mú un lò, kí ẹ sì yí i bí ilé-ìwé yín ṣe rí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàárọ̀. Mi ò ní jẹ́ kí oòrùn pa yín.

"Ẹ wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú àpò púpọ̀ nínú yín, èmi náà sì ní tèmi nínú ọ́fíìsì, nítorí pé òun ni mo fi ń mọ irú ìbéèrè tí Wáẹ̀kì fẹ́ràn láti máa béèrè. Kò sí olùkọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ó ṣe máa lò ó, àti ẹnu ọ̀nà tí kò gbọdọ̀ bá yín kọjá, ni mo wá sọ.

"Ẹ wo pátákó. Nọ́ńbà kẹta jẹ́ 10, ìkeje jẹ́ 22. Kí ni ìkogún? Mo gbọ́ 61. Ó gbà á. Ó wà ní ojú ewé ìwé náà bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mo ti yí i padà báyìí: ìkẹta di 22, ìkeje di 10. Kí ni ìkogún?

"Pápá ti dákẹ́. Ẹ má tijú. Ìwé náà fún yín ní 61, ẹ gbà á, ẹ kò sì bi í léèrè ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Lóṣù May, Wáẹ̀kì kò ní béèrè èyí tí ó wà nínú ìwé. Ìbátan rẹ̀ ni yóò béèrè.

"Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìwé yìí, ẹ fi bébà bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 15 gbìyànjú ìbéèrè náà pẹ̀lú báírò aláwọ̀ búlúù. Bí ẹ bá há síbì kan, ẹ fa bébà náà wálẹ̀ títí dé ìlà tí ẹ há sí, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi báírò pupa kọ ìlà yẹn nìkan, ẹ bò ó padà, kí ẹ sì fi búlúù parí ìyókù. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà bí mo ṣe yí ti orí pátákó yìí, kí ẹ tún un ṣe láìsí ìwé rárá. Bí ìlà pupa bá pọ̀ nínú ìwé yín, ẹ má fà á ya. Ibi tí ó pupa ni olùkọ́ yín nílò láti rí. Ọ̀gá Ìṣirò yóò wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ọjọ́ Tuesday àti Thursday lẹ́yìn ìparí iṣẹ́, kò sì ní gba kọ́bọ̀.

"Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ìwé yìí dúró sí. Kò ní bá yín wọlé, yálà odindi rẹ̀, tàbí ojú ewé kan rẹ̀, tàbí àwòrán rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú fóònù nínú gbọ̀ngàn, bí kò tilẹ̀ tàn án, Wáẹ̀kì lè fagi lé gbogbo èsì rẹ̀, kì í ṣe ti iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1999 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ìjíwèéwò lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀.

"Ẹni tí ó bá sì ń rò pé òun yóò wo ti ẹni ẹ̀gbẹ́ òun, kí ó rántí pé láti 2025 ni Wáẹ̀kì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìbéèrè aláyàn ní ẹ̀dà tí ó yàtọ̀ síra nínú Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì àti Ẹkọnọ́míìsì. Ìbéèrè keje ọ̀rẹ́ rẹ lè máà jẹ́ ìbéèrè keje tìrẹ.

"Ẹni tí ó bá mọ ìkogún tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kí ó wá fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí ní ọ́fíìsì lákòókò ìsinmi. Mi ò fẹ́ ìdáhùn nìkan o. Ẹ máa lọ sí kíláàsì."

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò dá ìdáhùn -29 sílẹ̀ lórí pápá. Mo fẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó wá sí ọ́fíìsì mi kí aago ìsinmi tó parí, méjì nínú wọn sì kọ 29 láìsí àmì òdì. Ìlà tí wọ́n ti sọ ọ́ nù ni a jọ wá kiri.

Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi sọ ti òfin, mi ò sì gbé ohùn sókè. Ìjìyà tí ó ń ká ọmọ lára jù ni ti èsì tí kò jáde. Bí Wáẹ̀kì bá fura sí ibùdó ìdánwò kan, wọn a máa dá èsì dúró títí wọn yóò fi wádìí, ọmọ náà yóò sì jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọlé sí yunifásítì. Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú kan sí i, ibẹ̀ ni kí ẹ lò ó sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gba ìwé iṣẹ́ wọn

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo èyí bí ẹ kò bá yẹ ìwé wò. Ẹ ní kí olùkọ́ Ìṣirò gba ìwé iṣẹ́ ọmọ bí ogún, kí ẹ̀yin náà sì jókòó tì í. Ìwé ọmọ tí ó ń fi òótọ́ lo ìdáhùn kì í mọ́ tónítóní. Ẹ ó rí ìlà búlúù mẹ́ta, kí pupa kan tẹ̀ lé e, kí búlúù tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí ó ti fagi lé nǹkan. Nọ́ńbà tí ó yí padà yóò sì wà ní ojú ewé kejì. Ìwé ẹni tí ó dà á kọ a máa mọ́, kò ní ní àfagi kankan, ìlà kan kò sì ní kúrò ní ibi tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀.

Àmì tí ó dájú jù ni àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ẹ̀dà kan wà tí mo rí nínú èyí tí wọ́n tẹ `d = 4` sábẹ́ `4d = 12`, ṣùgbọ́n tí ìlà tí ó kẹ́yìn ṣì jẹ́ 61. Nínú ìwé ogún tí mo yẹ̀ wò lọ́dún náà, mẹ́jọ ní `d = 4`, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì parí rẹ̀ sí 61, bẹ́ẹ̀ 4 + 19 × 4 kì í ṣe 61, 80 ni. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Mo kọ ìlà méjèèjì sórí pátákó, mo sì ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé bí 4 ṣe bí 61. Àwọn tí ó ń máàkì fún Wáẹ̀kì náà a máa ṣọ́ irú àṣìṣe kan náà tí ó bá farahàn nínú ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ láti ibùdó kan náà, kò sì sí ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà sọ pé òun nìkan ni òun ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ èyí pẹ̀lú. Ìwé ìbéèrè tí a ń kọ ìdáhùn rẹ̀ ní kíkún nínú ìdánwò Ìṣirò ń pín máàkì fún ọ̀nà tí a gbà ṣe é lọ́tọ̀, ó sì ń pín tirẹ̀ fún ìdáhùn tí ó tọ̀nà lọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tí ó kọ 61 lásán láìsí ìlà tí ó gbé e débẹ̀ kò tíì mú èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé ìwé tí ó mọ́ pọ̀ ju èyí tí ó pupa lọ, ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ sọ lórí pápá. Ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé olùkọ́ ń fi máàkì fún ìwé tí ó mọ́. Ẹ bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀, kí ó máa fún ìlà pupa tí ọmọ ṣàlàyé ní máàkì. Lẹ́yìn náà, kí móòkì ní ìbéèrè mẹ́ta ó kéré tán tí a mú láti inú ìwé ìdáhùn tí gbogbo wọ́n ní, tí a sì ti yí nọ́ńbà wọn padà. Máàkì tí wọ́n bá gbà nínú mẹ́ta yẹn ni yóò sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ yín wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò

Ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ ti January sọ. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn fúnra yín, kí ẹ gbé tábìlì kan sí ibẹ̀, kí àpò, ìwé àti fóònù dúró sórí rẹ̀, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì jókòó tì í. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láàyè láti tú àpò ṣòkòtò tàbí síkáàfù ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí alámòójútó tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé bébà àkàtúnkà àná a máa gbàgbé sínú àpò ọmọ tí kò ní èrò burúkú kankan, alámòójútó kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi mọ ìyàtọ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé tábìlì náà kalẹ̀, bébà mẹ́rìnlá ni a rí lórí rẹ̀ kí agogo tó lù, ọmọ tí ó kó méjì sílẹ̀ sì padà wá mú wọn lẹ́yìn ìdánwò, ó ní òun ṣì nílò wọn fún ti ọ̀la.